Gbólóhùn Faransé wo la fi ń kọ ọjà orí fóònù, tó níwà, tó kúrú, tí wọn ò sì ní pè mọ́?

Àdùkẹ́ Párísì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi fóònù polówó ọjà nílẹ̀ Faransé níbí ni mo bá wá. Faransé mi tó mi í ná ọjà, ó sì tó mi í bá olùkọ́ àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, àmọ́ tí àwọn ọlọ́jà yìí bá pè, ẹnu wọn yá ju tèmi lọ. Ohun tí mo máa ń sọ ni « Désolée, je suis occupée ». Tó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n á tún pè. Bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, á jẹ́ ti adójútòfò tàbí ti íńtánẹ́ẹ̀tì.

Mi ò fẹ́ máa pa fóònù mọ́ ènìyàn létí, torí iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Ìyá mi náà sì ti dé láti Ìbàdàn, àwọn ló máa ń gbé fóònù ilé tí mi ò bá sí ńlé. Mo fẹ́ gbólóhùn kan tàbí méjì tí kò ní jẹ́ kí wọ́n rí àyè wọlé. Ẹ ṣeun o.

Ọmọ Kétu

Àǹtí Àdùkẹ́, èyí tí ẹ ń wá nìyí:

« Non merci, ça ne m'intéresse pas. Bonne journée, au revoir. »

Kò sí ohun tó kù tí ẹ fẹ́ fi kún un. « Non merci » ni ìkọ̀sílẹ̀ fúnra rẹ̀. « Ça ne m'intéresse pas » ló ti ilẹ̀kùn. « Bonne journée » ló gbé ìwà rere wọ inú ọ̀rọ̀ náà, « au revoir » ló sì fún yín láṣẹ láti pa fóònù. Tí ẹ bá ti sọ « au revoir », ẹ ò pa fóònù mọ́ ẹnikẹ́ni létí mọ́, ẹ ti kí i pé ó dàbọ̀.

Ẹ yọ « désolée » kúrò pátápátá. Lédè Yorùbá, « ẹ má bínú » kì í ba ìkọ̀sílẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n létí ẹni tó ń tajà lédè Faransé, « désolée » túmọ̀ sí pé ó ń dùn yín láti kọ̀, pé bí òun bá tún rọ̀ yín díẹ̀, ẹ ó gbà. « Je suis occupée » ló wá burú jù nínú méjèèjì. Ẹ ò kọ ọjà náà níbẹ̀, àsìkò nìkan lẹ kọ̀.

Gbọ́láhàn Líyọ̀n

Gbogbo èyí ti gùn jù. Ẹ forúkọ nọ́ńbà yín sílẹ̀ ní Bloctel, ìwé ìjọba fún àwọn tí kò fẹ́ ìpè ọjà, ọ̀fẹ́ ni, wọn ò ní pè yín mọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ṣì pè, ẹ sọ « Pas intéressé », kí ẹ pa fóònù.

Ohun kan tí mo fẹ́ kìlọ̀ fún yín ni pé ẹ má ṣe sọ « oui » lẹ́nu fún wọn láé. Wọ́n á bi yín pé « Vous m'entendez bien ? », ẹ ó ní « oui », wọ́n á gba ohùn yín sílẹ̀, àdéhùn ti wà nìyẹn, ẹ ti ra ọjà.

Àǹtí Bísí

Ọmọ Kétu sọ òótọ́ nípa « occupée ». Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí lódìkejì ìlà, torí mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa.

Kọ̀ǹpútà ló ń bá ẹni tó ń pè yín pe nọ́ńbà, òun kọ́ ló ń yàn án. Nígbà tí ìpè bá parí, kò lè kọjá sí nọ́ńbà tó kàn àfi tó bá tẹ èsì kan sójú kọ̀ǹpútà. Àwọn èsì náà ò pọ̀: ó ti rà, ó kọ̀, kò gbé e, nọ́ńbà kò dára, tàbí kí a tún pè é. Tí ẹ bá ní « je suis occupée », « pas maintenant », « je vais réfléchir », « on verra » tàbí « mon mari n'est pas là », èsì kan ṣoṣo tó bá a mu ni « à rappeler ». Kọ̀ǹpútà á fi nọ́ńbà yín padà sínú ìlà, ẹlòmíràn tí kò mọ nǹkan kan nípa ìpè àkọ́kọ́ ni yóò sì pè yín. Ìdí nìyẹn tí ó fi dà bíi pé wọn kì í gbọ́ràn. Ohun tí ẹ sọ gan-an ni wọ́n kọ sílẹ̀.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ ìdí. Ẹ má sọ ìdí tí ẹ ò fi fẹ́. Ìwé kan wà níwájú wọn tí a kọ àwọn àwáwí sí, àti ìdáhùn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Tí ẹ bá ní « j'ai déjà une assurance », ìdáhùn ti wà nílẹ̀: « Justement, madame, vous payez combien par mois ? » Tí ẹ bá ní « c'est trop cher », wọ́n á ní àwọn lè dín in kù. Tí ẹ bá ní « je n'ai pas le temps », wọ́n á ní ìṣẹ́jú méjì péré ni. Ṣùgbọ́n « ça ne m'intéresse pas » láìsí àlàyé kò ní ìdáhùn tó dára lórí ìwé náà. Ohun tí wọ́n lè sọ kò ju « mais vous ne savez même pas ce que je vous propose » tàbí « pourquoi ? » lọ. Ẹ má dáhùn « pourquoi ». Ẹ tún gbólóhùn kan náà sọ, ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn kan náà. Tí ẹ bá yí ọ̀rọ̀ padà nígbà kejì, wọ́n á gbọ́ pé ẹ ti ń wá àwáwí.

Nítorí náà mo máa fi gbólóhùn kejì kún ti Ọmọ Kétu, fún ìgbà tí wọ́n bá takú:

« Non merci. Ne me rappelez pas, s'il vous plaît. Au revoir, madame. »

« S'il vous plaît » ṣe pàtàkì níbẹ̀. « Ne me rappelez pas » nìkan le bí àṣẹ, pàápàá tí ohùn bá ga.

Gbọ́láhàn, « pas intéressé » láìsí « non merci » tàbí « madame » kò níwà létí Faransé. Àǹtí Àdùkẹ́ sì ti sọ pé ìwà lòun ń wá.

Sùlè Kútọnu

Níbí ní Kútọnu, ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ fóònù mi fi máa ń pè, pé kí n tẹ ẹyọ kan kí n gba orin. Mo ti sọ « non merci » fún un títí, kò gbọ́. Ṣé gbólóhùn mìíràn wà tí mo lè sọ?

Ọmọ Kétu

Ẹ̀gbọ́n Sùlè, ìyẹn kì í ṣe ènìyàn, kò gbọ́ ohunkóhun tí ẹ bá sọ. Ẹ má tẹ bọ́tìnnì kankan, ẹ gé ìpè náà. Tó bá jẹ́ pé ó ti ń yọ owó yín, ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ náà ni kí ẹ lọ kí wọ́n yọ yín kúrò nínú orin náà. Ti Àǹtí Àdùkẹ́ yàtọ̀, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Bàbá Fọlárìn

Ẹ kú ìjíròrò. Gbọ́láhàn ọmọ mi, apá kan ohun tó o sọ jẹ́ òótọ́, apá kan kì í ṣe òótọ́. Jẹ́ kí n tún un tò.

Bloctel bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2016, ó sì ran àwọn kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò fìgbà kan dí ilé-iṣẹ́ tí ènìyàn ti ní àdéhùn lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ láti pè é nípa àdéhùn náà. Àwọn oníjìbìtì náà ò sì yẹ ìwé kankan wò kí wọ́n tó pè. Láti oṣù kẹta ọdún 2023, òfin ní kí wọ́n máa pè láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì nìkan, láti aago 10 àárọ̀ sí aago 1 ọ̀sán, àti aago 2 ọ̀sán sí aago 8 alẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan kò gbọdọ̀ pe ènìyàn ju ìgbà 4 lọ láàárín ọjọ́ 30. Ibi tó kan ìbéèrè Àdùkẹ́ nìyí: tí ẹni tí wọ́n pè bá ti kọ̀, wọn ò gbọdọ̀ pè é fún odidi ọjọ́ 60. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ̀ ní tòótọ́ o. « Je suis occupée » kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀, kò sì lè mú ọjọ́ 60 náà bẹ̀rẹ̀.

Òfin tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2025 yí ọ̀nà padà pátápátá, láti ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 2026. Òun ló ní kí ilé-iṣẹ́ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda ènìyàn kí ó tó pè é láti tajà, ilé-iṣẹ́ náà ló sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí ìyọ̀ǹda hàn. Ẹni tí ènìyàn ti ní àdéhùn lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣì lè pè nípa àdéhùn náà. Fún ìdí èyí, gbólóhùn ìkọ̀sílẹ̀ ṣì máa wúlò. Tí ilé-iṣẹ́ kan bá ní òun ní ìyọ̀ǹda rẹ, bóyá nítorí àpótí kékeré kan tó o fi àmì sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, sọ pé:

« Je retire mon consentement. Au revoir. »

Lórí ọ̀rọ̀ « oui » tó o fi ń dẹ́rù bà wọ́n: àdéhùn tí wọ́n fi ìpè fóònù tà fún ènìyàn nílẹ̀ Faransé kò de oníbàárà títí wọ́n á fi fi ìwé ránṣẹ́ sí i, tí òun náà á sì fọwọ́ sí i, yálà lórí bébà tàbí lórí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣì ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà láìsọ ìdí. « Oui » ẹnu nìkan kò tó.

Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín wà níbi tí ewu wà gan-an. Ìfọwọ́sí orí ẹ̀rọ lè jẹ́ nọ́ńbà kékeré kan tí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù yín lákòókò tí ẹ ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n á ní « c'est juste pour vérifier ». Tí ẹ bá kà á fún wọn, ẹ ti fọwọ́ sí ìwé nìyẹn. Ẹ má kà á.

Gbọ́láhàn Líyọ̀n

Bàbá, ẹ ṣeun, mo gbọ́ ti òfin. Síbẹ̀ èmi ò ní máa sọ « oui » fún wọn. Ẹni tí kò bá tẹ̀lé òfin lè gé ohùn ènìyàn kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohun mìíràn, ènìyàn á sì máa sáré kiri láti fi hàn pé òun ò fọwọ́ sí nǹkan.

Bàbá Fọlárìn

Kò burú, má sọ ọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹni tó ti sọ ọ́ má ṣe rò pé òun ti jẹ gbèsè, kó wá torí ìbẹ̀rù san owó tí kò jẹ.

Olùkọ́ Àjàṣẹ́

Ọ̀rọ̀ òfin dára, àmọ́ ẹ jẹ́ ká padà sí ẹnu. Mo ń kọ́ àwọn àgbà ní Faransé ní Àjàṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ló sì mọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n sọ, tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ló ń dà á rú.

Àkọ́kọ́ ni « pas ». Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, àwọn Faransé máa ń gbé « ne » mì, wọ́n á ní « ça m'intéresse pas ». Tí ẹni tó ń kọ́ èdè bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí ó sì sọ « pas » jẹ́jẹ́ sínú imú, ohun tí fóònù gbé lọ sódìkejì ni « ça m'intéresse », ìyẹn ni pé mo nífẹ̀ẹ́ sí i! Ẹ sọ « ne » náà, kí ẹ sì jẹ́ kí « pas » dún ketekete. Nítorí èyí kan náà ni mo fi gbà pé « non merci » ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Bí ìlà bá tiẹ̀ gé ìyókù, « non » ti dé ibi tó ń lọ.

Ìkejì ni « merci » láìsí « non ». Lójúkojú, Faransé lè fi « merci » kọ oúnjẹ tí a gbé fún un, torí pé ó ń mi orí tàbí ó ń fi ọwọ́ tì í. Lórí fóònù kò sí ọwọ́, kò sí orí. Tí wọ́n bá ní « je vous envoie la documentation ? » tí ẹ sì ní « merci », wọ́n á fi ránṣẹ́.

Ìkẹta, àwa Yorùbá a máa dá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lóhùn, « ẹ̀n », « ẹ̀hẹ́n », kí ó lè mọ̀ pé a ń gbọ́. Tí a bá dé inú Faransé, a sọ ọ́ di « oui, oui » tàbí « d'accord ». Létí ẹni tó ń tajà, ẹ ti gbà pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó kọ̀, ìkọ̀sílẹ̀ yín á wá ya á lẹ́nu. Ẹ dákẹ́ pátápátá. Ẹ dúró de ibi tó ti mí, kí ẹ wọlé. Tí kò bá mí, ẹ sọ « Madame, » kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wá sọ gbólóhùn yín.

Ti ohùn ni ìkẹrin, ẹni tó ń sọ Yorùbá sì lè tètè mọ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí òpin « non merci » sọ̀ kalẹ̀ bíi dò. Tí ẹ bá gbé e sókè bíi mí, ìbéèrè ló dà, bí ẹni pé ẹ ń tọrọ àyè láti kọ̀. Bákan náà ni « pas » ní òpin gbólóhùn.

Fún ìpè ọ̀rọ̀: « non » ní « ọn » bíi ti « ìbọn ». « Intéresse » bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú « ẹn » bíi ti « ìyẹn », « s » ló sì parí rẹ̀, ẹ má fi « ì » tì í lẹ́yìn. Ẹ fi eyín kan ètè ìsàlẹ̀ fún « v » inú « revoir », kó má di « f ». « R » tó wà lọ́nà ọ̀fun kò ṣe dandan, ẹ lo ti wa, wọ́n á gbọ́.

Bákan náà, « je ne suis pas intéressée » dára, ṣùgbọ́n ó gùn, « j » tó wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì le fún ọ̀pọ̀ wa. « Ça ne m'intéresse pas » rọrùn, ọkùnrin àti obìnrin sì lè lò ó láìyí i padà nígbà tí a bá kọ ọ́ sílẹ̀.

Àǹtí Bísí

Olùkọ́, ẹ ṣeun púpọ̀. Ibi kan ni mi ò gbà. Tí ẹ bá dúró de ibi tí wọ́n ti mí, ẹ ó dúró pẹ́, torí wọ́n kọ́ wọn láti má mí! Kí ẹ sọ « Je vous arrête, madame » ní kété tí ẹ bá ti mọ̀ pé ọjà ni. Kò sí àrífín níbẹ̀. Ó tiẹ̀ ń gba àkókò wọn là, torí iye tí wọ́n bá tà ni a fi ń díwọ̀n iṣẹ́ wọn, ẹni tí kò ní rà tó sì ń gbọ́ títí ń fi àkókò wọn ṣòfò.

Olùkọ́ Àjàṣẹ́

Lẹ́nu ọmọ Faransé, « je vous arrête » rọra dún. Lẹ́nu ẹni tí ohùn rẹ̀ ga nítorí ìbẹ̀rù, ó lè dún bí ìjà. « Excusez-moi de vous interrompre » tutù jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó gùn, mo gbà. Kí oníkálùkù mú èyí tí ẹnu rẹ̀ gbà.

Àdùkẹ́ Párísì

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ń sọ ọ́ sókè nínú ilé. Ìbéèrè méjì ló kù. Èkíní, báwo ni mo ṣe máa tètè mọ̀ pé ọjà ni, kí n má baà kọ ẹni tó pè láti ilé ìwòsàn tàbí ilé ìwé àwọn ọmọ? Èkejì, àwọn tó ń pè nípa iná mànàmáná kì í sọ pé àwọn ń tajà. Wọ́n á ní nítorí àdéhùn mi làwọn ṣe pè.

Bàbá Fọlárìn

Àdùkẹ́, ti iná yìí ló yẹ ká fara balẹ̀ wò dáadáa. Bí irú ìpè náà ṣe máa ń lọ nìyí, pẹ̀lú ìdáhùn tó yẹ kó o fún un:

— « Bonjour madame, je vous appelle au sujet de votre contrat d'électricité. Vous êtes bien la titulaire du compteur ? »

— « Bonjour. C'est pour me vendre quelque chose ? »

— « Non, non, madame, c'est juste pour vérifier votre tarif. Vous avez une facture sous les yeux ? »

— « Non merci, ça ne m'intéresse pas. »

— « Mais madame, vous ne savez même pas ce que je vous propose. »

— « Non merci. Ne me rappelez pas, s'il vous plaît. Bonne journée, au revoir. »

Wò ó, ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ̀ ń wá « oui » kan kó tó sọ ohun tó gbé e wá. O ò dá a lóhùn, ìbéèrè tìrẹ lo fi dáhùn. Ìbéèrè yẹn náà ló dáhùn èkíní tó o bi wá. Ẹni tó pè láti ilé ìwòsàn yóò sọ orúkọ ilé ìwòsàn náà àti ọjọ́ tó o ní ìpàdé pẹ̀lú dókítà. Ilé ìwé á dárúkọ ọmọ rẹ. Ẹni tó ń tajà á yí ọ̀rọ̀ po, tàbí kó bi ọ́ ní ìbéèrè mìíràn.

Ìwé owó iná tó ní kó o mú wá kì í ṣe nítorí iye owó tó wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà ìwọ̀n iná rẹ ló ń wá, èyí tí wọ́n ń pè ní PDL tàbí PRM. Ẹyọ nọ́ńbà 14 ló wà nínú rẹ̀, ó wà lórí ìwé náà, ó sì wà lójú mítà Linky. Nọ́ńbà yẹn ni ilé-iṣẹ́ mìíràn fi ń bẹ̀rẹ̀ ètò láti gba iná rẹ kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á fún ọ. Bí ó bá ti gba nọ́ńbà náà àti orúkọ rẹ, ohun tó kù ni àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ti fóònù alágbèéká náà rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀ ni RIO, tí ènìyàn máa ń gbọ́ tó bá pe 3179, èyí tí wọ́n fi ń gbé nọ́ńbà láti ilé-iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn. PDL, RIO, nọ́ńbà báǹkì, nọ́ńbà inú àtẹ̀jíṣẹ́: má ka ọ̀kankan fún ẹni tó pè ọ́.

Tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ iná rẹ ló pè lóòótọ́, kí o sọ « Je vais appeler le service client moi-même. Au revoir », kí o wá pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé owó iná rẹ. Má pe nọ́ńbà tí wọ́n bá kà fún ọ.

Gbọ́láhàn Líyọ̀n

Ẹ tún lè wo nọ́ńbà tó ń pè kí ẹ tó gbé e. Láti ọdún 2023 ni wọ́n ti ya àwọn nọ́ńbà kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ polówó ọjà. Ní agbègbè Párísì, 01 62 àti 01 63 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, 04 24 àti 04 25. Tí mo bá ti rí i, mi ò ní gbé e.

Àǹtí Bísí

Òótọ́ ni Gbọ́láhàn sọ lórí èyí. Kìkì pé àwọn tí kò bẹ̀rù òfin ń lo nọ́ńbà alágbèéká tàbí nọ́ńbà ẹlòmíràn, nítorí náà kí ẹ má rò pé ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ báyẹn kì í ṣe ọlọ́jà.

Ọmọ Kétu

Kò sẹ́ni tó ti dáhùn ti ìyá. Fún Mama, ẹ má kọ́ wọn ní gbólóhùn gígùn. « Non merci, au revoir » ti tó. Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà ńláńlá, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ fóònù ilé. Tí Mama bá fẹ́ kí ó níwà sí i, kí wọ́n fi « madame » tàbí « monsieur » sí i, gẹ́gẹ́ bí ohùn tí wọ́n bá gbọ́.

Sùlè Kútọnu

Ẹ ò ṣe kọ́ Mama ní « ma fille n'est pas là »? Òótọ́ ni, ó sì rọrùn.

Àǹtí Bísí

Rárá o, Ẹ̀gbọ́n Sùlè. « Elle rentre à quelle heure ? » ni wọ́n máa fi dáhùn, Mama á sọ aago, wọ́n á sì pè ní aago yẹn gan-an. Pẹ̀lú ìyẹn, ẹ ti sọ fún ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí pé ìyá àgbà nìkan ló wà nílé. « Je ne comprends pas » náà kò dára, torí àwọn kan á rọra máa bá wọn sọ ọ́ lọ títí.

Olùkọ́ Àjàṣẹ́

Mo fara mọ́ Àǹtí Bísí. Kí Mama sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n fi fóònù sílẹ̀ láìdúró de ìdáhùn. Lọ́dọ̀ tiwa, a máa ń dúró kí ẹnì kejì náà kí wa kó tó pa fóònù, àṣà yẹn ló sì ń fún wọn láyè.

Ọmọ Kétu

Lórí ìyẹn, èmi yóò dúró fún « au revoir » kan láti ẹnu wọn. Ìṣẹ́jú àáyá méjì ni. Tó bá jẹ́ « mais madame » ló jáde, kí ènìyàn wá pa á.

Bàbá Fọlárìn

Fún Mama, kí wọ́n má dúró. Ìwọ lè dúró, Faransé rẹ tó bẹ́ẹ̀.

Àdùkẹ́ Párísì

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù: ṣé kí n fi « Retirez mon numéro de votre fichier » kún un? Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun máa ń sọ ọ́.

Àǹtí Bísí

Tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ gidi, sọ ọ́, ẹ̀tọ́ rẹ ni, wọ́n sì ní èsì tiẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. « Merci de retirer mon numéro de vos fichiers » ni kó o sọ, ó tutù ju « retirez » lọ. Sọ ọ́ ṣáájú « au revoir », má sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Gbọ́láhàn Líyọ̀n

Èmi ò ní sọ ọ́. Oníjìbìtì tó gbọ́ ọ máa mọ̀ pé ènìyàn gidi ló ń gbé nọ́ńbà yìí, tó sì ń dáhùn dáadáa. Mo máa ń fi nọ́ńbà wọn ránṣẹ́ sí 33700 ni, níbi tí a ti ń fi irú ìpè bẹ́ẹ̀ sùn.

Bàbá Fọlárìn

Ẹ̀yin méjèèjì ló ní ibi tí ọ̀rọ̀ yín bá mu. Bí ó bá dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó o mọ̀, sọ ọ́. Bí kò bá dárúkọ kankan, tàbí tó ní « le service énergie » lòun ti ń pè, má fi kún « non merci, au revoir ». Tí ilé-iṣẹ́ tó o mọ̀ bá tún pè lẹ́yìn tó o ti sọ ọ́, kọ ọjọ́, aago àti nọ́ńbà náà sílẹ̀, kó o fi ẹ̀sùn wọn sórí SignalConso, ojúlé ìjọba fún ẹ̀sùn àwọn oníbàárà. Láìsí ọjọ́ àti aago, kò sí ohun tí wọ́n lè fi ẹ̀sùn náà ṣe.